Ẹ bi ọmọ léèrè kí ẹ tó gba ìtọ̀ ẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n ní kí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo sẹ́kọ́ńdírì máa gba ìtọ̀ àwọn ọmọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn olóró wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì rí i lára ẹ̀ kí wọ́n lé e lọ sílé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ń ba gbogbo wa, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń tọ́jú ní kílíníìkì níbí l'Ábẹ́òkúta, mi ò lè dákẹ́ torí tẹ́ẹ̀sì yẹn ò lè ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣe.

Sítíríìpù tí wọ́n ń kì bọ inú ìtọ̀ yẹn, oògùn tí wọ́n ṣe é fún nìkan ló ń wá. Èyí tó ń wá igbó á rí igbó, èyí tó ń wá mọfíìnì á rí mọfíìnì, á sì rí kodíìnì. Ṣùgbọ́n tírámádọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa ń gbé mì báyìí, sítíríìpù mọfíìnì ò mọ̀ ọ́n rárá, àfi tí wọ́n bá lọ ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Kolorádò náà bẹ́ẹ̀, ewé tí wọ́n fọ́n kẹ́míkà sí lára ni, kì í ṣe igbó gangan, sítíríìpù igbó ò ní rí i. Ọtí ńkọ́? Èyí tí ọmọ mu lálẹ́ Sátidé, tó bá fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè ó ti kúrò nínú ìtọ̀. Igbó ní tiẹ̀ sì lè wà nínú ìtọ̀ ẹni tó ti ń fà á déédéé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn tó ti jáwọ́. Ẹ wá wò ó o, ọmọ tó ti ń gbìyànjú láti jáwọ́ ni wọ́n á mú, èyí tó ń gbé tírámádọ́ọ̀lù mì lójoojúmọ́ á gba ìwé pé ara òun mọ́, á sì máa rẹ́rìn-ín lọ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ yìí ò sì gọ̀, tí wọ́n bá ti mọ èyí tí tẹ́ẹ̀sì ń rí, èyí tí kò rí ni wọ́n á yí sí, èyí tí kò rí yẹn gan-an ló sì léwu jù. Ká tiẹ̀ ní ó rí i, ìtọ̀ ò lè sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ta ni, kí ló sì ń wá nínú ẹ̀.

Ọmọ fúnra ẹ̀ lè sọ ọ́. Àwọn ìbéèrè kan wà tí Dókítà John Knight àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston gbé jáde ní 1999, CRAFFT lorúkọ tí wọ́n fún un, fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 21 ni. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti bi í. Àmọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìyá tàbí bàbá tó mú ọmọ wá gbọ́dọ̀ bọ́ síta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń bínú sí mi, wọ́n á ní kí ni mo fẹ́ bá ọmọ àwọn sọ tí àwọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ nìyẹn, òótọ́ sì ni, torí tó bá jẹ́ àwọn tí irun wọn rí wúruwùru nìkan ni mò ń bi, àwọn tó múra nigínnigín á kọjá lọ́wọ́ mi.

Tó bá ku èmi àti ọmọ, màá sọ fún un pé ohun tó bá sọ ò ní jáde níbẹ̀, àfi tí ẹ̀mí ẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo gbólóhùn kejì yẹn o, torí tẹ́ ẹ bá ṣèlérí gbogbo ẹ̀ tó wá di pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ, ọmọ yẹn ò ní gba dókítà kankan gbọ́ mọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "ṣé o máa ń mu?" Ohun tí wọ́n ń bi ni pé láàárín oṣù 12 tó kọjá, ọjọ́ mélòó lo mu ọtí tó ju kó o kàn tọ́ ọ wò lọ, ọjọ́ mélòó lo fa igbó, ọjọ́ mélòó lo lo nǹkan míì kó lè gbé ẹ lójú. Ó rọrùn fún ọmọ láti dárúkọ iye ọjọ́ ju kó ní "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Ṣùgbọ́n níbí ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ nǹkan bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò. Ọmọ tó ń mu páraga láràárọ̀ á wo ojú yín á ní òun ò mu ọtí rí, irọ́ kọ́ ló ń pa, lójú tiẹ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, bẹ́ẹ̀ ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Skúchíìsì náà, sóbò ló ń pè é, kò mọ̀ pé wọ́n ti ki igbó àti tírámádọ́ọ̀lù sínú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ òdo ni gbogbo ẹ̀, ìbéèrè mọ́tò nìkan lẹ máa bi: ṣé o ti wọ mọ́tò rí tí ẹni tó ń wà á, tàbí ìwọ fúnra ẹ, ti mu ọtí tàbí ti lo nǹkan? Lọ́dọ̀ tiwa mo máa ń fi ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ sí i. Tó bá ti ní ọjọ́ kan péré, ẹ bi í ní ìyẹn, kí ẹ sì fi márùn-ún tó kù kún un: ṣé o máa ń lò ó kára lè rọ̀ ẹ́ tàbí kó o lè bá ẹgbẹ́ mu, ṣé o máa ń dá nìkan lò ó, ṣé o máa ń gbàgbé ohun tó o ṣe nígbà tó wà lójú ẹ, ṣé ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ ń sọ fún ẹ pé kó o dín in kù, ṣé o ti kó sí wàhálà nígbà tó o lò ó. Tí "bẹ́ẹ̀ ni" bá ti pé 2, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Kò túmọ̀ sí pé ó ti di bárakú o, ó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ jókòó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

Báwo lẹ ṣe máa bá a sọ ọ́? Ká sọ pé ọmọkùnrin kan ló wà níwájú mi, ọmọ ọdún 16, SS2, ikọ́ ló gbé e wá. Igbó ọjọ́ 30 lọ́dún tó kọjá, tírámádọ́ọ̀lù bí ọjọ́ 10, gbogbo ẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 3: ó ń lò ó kára lè rọ̀ ọ́, ó ti gun ọ̀kadà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ti yó wà, ó ti gbàgbé bó ṣe délé rí. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sẹ́nu gbogbo àgbà ni "ṣé o fẹ́ ya wèrè ni?" Tẹ́ ẹ bá ti sọ ìyẹn, ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ á dọ̀bálẹ̀, á ní "ẹ má bínú mà, mi ò ní ṣe é mọ́", inú yín á dùn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. "Mi ò ní ṣe é mọ́" tó tètè jáde yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò wọlé, ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Nítorí náà màá bi í pé, "Kí ló ń fún ẹ tó o fi ń lò ó?" Á wò mí, á ní, "Àǹtí, tí mo bá lò ó mi ò kì í ronú." Màá ní, "O ò kì í ronú nípa kí ni?" Màá jẹ́ kó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, "Kí lo ò wá fẹ́ràn nípa ẹ̀?" Màá wá ní, "Tá a bá kà á láti òdo dé 10, ibo ni wíwù tó wù ẹ́ láti dín in kù wà?" Ká ní ó sọ 4. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí, wọ́n á ní "4 péré, kí ló dé tí kì í ṣe 10?", ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà oògùn. Èmi á ní, "4? Kí ló dé tí kì í ṣe 1?" Ẹnu ara ẹ̀ ni ìdí á ti máa jáde: "JAMB ti ń bọ̀ Àǹtí, mò ń kàwé kò dúró lórí mi, ọjọ́ tí mi ò mọ bí mo ṣe délé yẹn sì bà mí lẹ́rù." Ìdí tó sọ fúnra ẹ̀ máa ń dè é ju ogún tí èmi lè kà fún un lọ.

Màá tọrọ àyè kí n tó fi tèmi kún un: "Ṣé kí n sọ nǹkan kan tí mo mọ̀ nípa tírámádọ́ọ̀lù fún ẹ?" Tó bá gbà, màá sọ pé èyí tí ìjọba fàyè gbà ò ju milígíráàmù 100 lọ nínú hóró kan, 225 tí wọ́n ń tà nígboro ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ, tó bá pọ̀ lára ó lè fa gìrì, tí wọ́n bá fi ọtí sí i èémí lè dínkù títí táá fi dúró. Màá wá dákẹ́, "Kí lo rí sí i?" Tó bá ní òun fẹ́ fi tírámádọ́ọ̀lù sílẹ̀ ṣùgbọ́n igbó ṣì wà, mi ò ní já a kulẹ̀, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀: ta lo máa wà pẹ̀lú lálẹ́ Sátidé, kí lo máa sọ tí wọ́n bá nà án sí ẹ, o ò ní gun ọ̀kadà ẹni tó ti yó, ká padà rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó níbi tó mọ o. Ọmọ tó ń gbé tírámádọ́ọ̀lù mì lójoojúmọ́, tí ara ń gbọ̀n, tí imú ń ṣomi tí kò bá rí i, ẹ má sọ fún un pé kó dá a dúró lójijì, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ, àwa níbí ní ilé ìwòsàn Àrò nítòsí. Èyí tó bá ń ronú láti pa ara ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni, àṣírí ò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò sì ní tan yín: ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí irú nǹkan báyìí sọ ní 2020 pé ẹ̀rí ò tíì tó láti sọ pé bíbi àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18 nípa oògùn ń ṣe wọ́n lóore tàbí kò ṣe é. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé níbẹ̀ ṣì ní kí wọ́n máa bi wọ́n, torí ọmọ tẹ́nì kankan ò bi, ìgbà tó bá dákú ló tó máa sọ.

Ohun tí mò ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa ni pé owó tí wọ́n fẹ́ fi ra sítíríìpù, kí wọ́n fi wá nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ yìí, kó máa yípo ilé ìwé mélòó kan, kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan fún un ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn, kí fọ́ọ̀mù tí ọmọ bá dáhùn wà nínú àpótí kílíníìkì, kó má dé ọ́fíìsì pírínsípà láéláé.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì àwọn ọ̀dọ́, Abẹ́òkúta