Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Wo Bátìrì Kí Ẹ Tó Ra Láptọ́ọ̀pù Fọ́mọ

Ẹ̀yin òbí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má jẹ́ kí ara rẹ̀ tó ń dán tàn yín. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí iná wa kì í dúró. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí cmd, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kó tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Láptọ́ọ̀pù náà yóò sọ ibi tó tọ́jú àbọ̀ ìròyìn nípa bátìrì rẹ̀ sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY, ìyẹn iye iná tí bátìrì lè gbà báyìí, wé DESIGN CAPACITY, ìyẹn iye tí wọ́n ṣe é láti gbà ní tuntun. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 20,000, tí èkejì jẹ́ 50,000, bátìrì yẹn ti gbó: èyí tó ń lo wákàtí 5 ní tuntun yóò máa lo bíi 2. Ẹ béèrè iye bátìrì tuntun, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó.