Má tíì fọwọ́ sí lẹ́tà iṣẹ́ yẹn

Àjọkẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. O kú oríire. Ìyá rẹ ti ń wá aṣọ tí o máa wọ lọ sí ọ́fíìsì káàkiri Lágéré, ṣùgbọ́n èmi ní kí o má tíì fọwọ́ sí i.

₦150,000 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ́ ni yóò wọ àkáǹtì rẹ. Èmi ni mo ń ṣe ìwé owó oṣù níbí, mo sì mọ bí ojú àwọn ọmọ tuntun ṣe máa ń rí lóṣù àkọ́kọ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí a yọ 8 nínú 100 láti inú àròpọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦120,000 nínú ₦150,000 yẹn, ₦9,600 ti lọ nìyẹn, a ò tíì dé orí owó-orí. Ní kí wọ́n sọ iye tí yóò kù sí ọ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, wádìí ohun tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn. Má bi ẹnikẹ́ni pé èló ló ń gbà. Kò ní sọ òótọ́. Bi í pé, “Bí ẹ bá fẹ́ gba akáǹtáǹtì tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, èló lẹ máa san?” Wo Jobberman náà, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́, wọ́n máa ń kọ iye sára àwọn iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ìpolówó tó bá ti wà ṣáájú 2023, fò ó; láti ìgbà tí owó epo ti lọ sókè ni iye wọ̀nyẹn ti di ìtàn.

Ká ní o gbọ́ ₦160,000, ₦180,000, ₦190,000, ₦200,000 àti ₦350,000. Bi ẹni tó sọ ti ìgbẹ̀yìn yẹn léèrè dáadáa: bóyá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún ló ń sọ, tàbí ti Èkó. Yọ ọ́ kúrò. Láàrin ₦160,000 sí ₦200,000 ni tìrẹ wà. Bèèrè ₦195,000, kí o sì fi sọ́kàn pé o lè gba ₦180,000.

Sọ fún wọn pé, “Ẹ ṣé mà, iṣẹ́ náà wù mí. Ohun tí mo rí n'Ìbàdàn fún irú iṣẹ́ yìí wà láàrin ₦160,000 sí ₦200,000, mo sì fi odidi ọdún agùnbánirọ̀ mi ṣe ìwé owó lórí kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ lè gbé e dé ₦195,000?” Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má sọ ti owó ilé tí o máa san fún onílé, má sọ ti àbúrò rẹ tó wà ní yunifásítì. Ìyẹn ò kàn wọ́n.

Bí wọ́n bá ní agbára àwọn ò ju ₦150,000 lọ, ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé wọn yóò tún owó náà wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, má gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí o fèsì. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Bódìjà lálẹ́ òní, òun ni kó kọ́kọ́ sọ fún ọ iye tí ọ́fíìsì tiwọn máa san fún akáǹtáǹtì tuntun.

Bàbá rẹ,
Ilé-Ifẹ̀