Ẹ jẹ́ kí "ni" bá yín tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó détà.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ bá sọ ọ́, torí ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wa kọ ìkéde ní ẹgbẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní àdúgbò, àwa àgbà kàn ń kà á ni. Bẹ́ ẹ bá ti ní kókó kan tẹ́ ẹ fẹ́ kó wọ̀ wá létí, lẹ́tà ńlá lẹ máa ń sáré gbé, ẹ ó kọ gbogbo ẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, ẹ ó tún fi àmì ìràwọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ẹ̀ kó lè dúdú kirikiri, ẹ ó wá to àmì ìyanu mẹ́rin márùn-ún tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọnù ni. Àmọ́ Yorùbá ti ní nǹkan tó fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kí fóònù tó dé, inú gbólóhùn ló sì wà, kò sí lára lẹ́tà rárá. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Yorùbá títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i tẹ́ ẹ ń fi í sílẹ̀.

Ẹ wo ìkéde kan tó wọlé sórí WhatsApp àdúgbò wa, ọmọ dáadáa ló kọ ọ́, ọmọ tó ń fara ṣiṣẹ́:

"IPADE PAJAWIRI!!!! GBOGBO ONILE ATI AYALEGBE E TETI SILE!!! IPADE OSU YII MAA WAYE NI OJO SONDE LAAGO MERIN IROLE, KI ILE KOOKAN MU EGBERUN MARUN NAIRA OWO TIRANSIFOMA WA, E MA SAN FUN AKOWE, AKAPO WA NIBE!!!!"

Sátidé la ti máa ń ṣe ìpàdé yẹn látọjọ́ tó ti wà. Nítorí náà, nínú gbogbo ariwo yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló jẹ́ tuntun, òun ni pé ọjọ́ ti yí padà. Ẹ wá a nínú ẹ̀, ṣé ẹ rí i? Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò ga ju "tiransifoma" lọ, kò sì ga ju "e teti sile" lọ, torí gbogbo wọn jọ dúró ní ìwọ̀n kan náà ni. Àwọn kan lọ sí ìpàdé ní Sátidé, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n ka ìkéde yẹn o, wọn ò kàn rí ohun tó fi yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá ni.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. "E MA SAN FUN AKOWE." Kí ni kí n ṣe? Ṣé "ẹ má san fún akọ̀wé" ni àbí "ẹ máa san fún akọ̀wé"? Ìkan ní kí n mówó lọ fún un, ìkejì ní kí n má dán an wò. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn, àmọ́ àmì ohùn tó yẹ kó bá a sọ ọ́ ló ti jù nù, ó wá fi lẹ́tà ńlá dípò ẹ̀. Mo sì ti ṣàkíyèsí pé bẹ́ ẹ bá ti gbé lẹ́tà ńlá báyìí, àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, "OWO" á wá di owó, á di ọwọ́, á di òwò, á di ọ̀wọ̀, ẹni tó ń kà á ló máa yan èyí tó bá wù ú. Bẹ́ ò bá tiẹ̀ lè fi àmì sí gbogbo ẹ̀, mo mọ̀ pé kò rọrùn lórí fóònù, ẹ kúkú kọ "ẹ má ṣe san" tàbí "ẹ ò gbọdọ̀ san". "Má ṣe" ò ṣeé ṣì kà sí "máa", kódà kẹ́ ẹ kọ ọ́ láìsí àmì kankan. Àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elénpe ìṣáájú, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí "ni" tí mo ń wí.

Ẹ gbé gbólóhùn kan tí ò ṣe nǹkan kan: "Adé ra ọkọ̀ lánàá." Ó ròyìn ni, kò tẹnu mọ́ ibì kankan. Bẹ́ ẹ bá ní "Adé ló ra ọkọ̀ lánàá", ẹ ti sọ fún mi pé kì í ṣe Bọ́lá. "Ọkọ̀ ni Adé rà lánàá", ìyẹn ni pé kì í ṣe ilẹ̀. "Àná ni Adé ra ọkọ̀", ìyẹn ni pé kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó tún wá dùn mọ́ mi jù ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe pàápàá ṣeé gbé síwájú: "Rírà ni Adé ra ọkọ̀", kò yá a, wọn ò sì fi ta á lọ́rẹ. Ohun tẹ́ ẹ ṣe ò ju pé ẹ gbé ohun tó ṣe pàtàkì wá síwájú, ẹ fi "ni" tì í lẹ́yìn, ẹ wá jẹ́ kí ìyókù tẹ̀ lé e. ("Ló" tó wà lẹ́yìn Adé yẹn, "ni" àti "ó" ló so pọ̀, gẹ́gẹ́ bí "la" ṣe jẹ́ "ni" àti "a".) Kò sí lẹ́tà ńlá níbẹ̀, kò sí àmì ìyanu, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á sókè, ohùn ẹ̀ á dúró níbi tẹ́ ẹ fẹ́ kó dúró.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ máa gbé síwájú? Ẹ bi ara yín pé ìbéèrè wo lẹni tó ń ka nǹkan yìí máa bi mí. Bó bá jẹ́ "ta ló ra ọkọ̀" ni, Adé ló ń lọ síwájú. Bó bá jẹ́ "kí ni Adé rà" ni, ọkọ̀ ni. Ẹ ò lè fi "ọkọ̀ ni Adé rà" dáhùn ẹni tó béèrè pé ta ló ra ọkọ̀, á wò yín pé ṣé ẹ gbọ́ ohun tóun wí. Ní ti ìkéde àdúgbò wa yẹn, ìbéèrè tó wà lọ́kàn gbogbo wa ni pé "ọjọ́ wo?", torí náà Sọ́ńdè ló yẹ kó wà níwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ o, ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti máa ṣì í nìyí. "Ni" máa ń gbà pé ẹni tó ń kà á ti mọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìkéde pẹ̀lú "Sọ́ńdè la máa ṣe é", ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé á ní kí lẹ máa ṣe? Ẹ kọ́kọ́ fi gbólóhùn pẹlẹbẹ kan tẹ́lẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè bá yín débẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Mo tún un kọ báyìí fún ọmọ yẹn:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará àdúgbò wa. Ìpàdé oṣù yìí ò ní wáyé ní Sátidé mọ́. Sọ́ńdè la máa ṣe é, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tá a ti máa ń ṣe é. Kí ilé kọ̀ọ̀kan jọ̀ọ́ mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà owó tiransifọ́mà dání. Akápò nìkan ni kẹ́ ẹ san án fún, ẹ má ṣe san án fún akọ̀wé."

Ẹ wò ó dáadáa. Ibi méjì péré ni "ni" ti ṣiṣẹ́, lórí ọjọ́ àti lórí ẹni tó ń gbowó, torí àwọn ibi tí èèyàn ti lè ṣì í nìyẹn. Mi ò fi sórí aago, mi ò fi sórí iye owó, kì í ṣe pé wọn ò ṣe pàtàkì, kò sẹ́ni tó ń bá wa jiyàn lórí wọn ni. Gbólóhùn tó sọ pé kò sí ìpàdé ní Sátidé, mo jẹ́ kó dá dúró, mo sì jẹ́ kó kúrú, torí gbólóhùn kúkúrú tó dá wà máa ń dún lọ́tọ̀. Ọmọ yẹn bi mí pé "Bàbá, ṣé kí n má wulẹ̀ fi 'ni' sí gbogbo ẹ̀ ni?" Rárá o. Bẹ́ ẹ bá ní "Sọ́ńdè ni, aago mẹ́rin ni, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni, akápò ni", ẹ ti padà síbi lẹ́tà ńlá nìyẹn. Gírámà wa pàápàá ò gbà á lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ẹ ò lè ní "Sọ́ńdè ni akápò ni ẹ máa san án fún" nínú gbólóhùn kan, ó máa há yín lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ló ń wà níwájú lẹ́ẹ̀kan.

Nǹkan kékeré kan tún wà tẹ́ ẹ máa ń gbàgbé, ìyẹn "èmi, ìwọ, òun, àwa, ẹ̀yin, àwọn". "Mi ò gbà" yàtọ̀ sí "Èmi ò gbà". Tàkọ́kọ́ sọ èrò yín lásán, èkejì sọ pé ẹlòmíì lè gbà o, àmọ́ tèmi kọ́. Bẹ́ ẹ bá ń bá ẹni tó jù yín lọ fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ má ṣe sáré lo "èmi", ó le létí ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú lẹ́tà ńlá rárá. "Gan-an" àti "pátápátá" náà, ẹ fọwọ́ pọ́n wọn lé. Ẹni tó ń ní "ó dára gan-an gan-an" lórí gbogbo nǹkan, kí ló máa wá sọ lọ́jọ́ tí nǹkan bá dára tòótọ́?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan àmì ìràwọ̀ mọ́ láé. Bí ìwé ètò bá gùn, bíi ti ìnáwó òkú tó ń lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lè sọ orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan di dúdú kí ojú lè tètè rí i. Ìyẹn ń tọ́ka ibi téèyàn máa wò ni, kì í ṣe àtẹnumọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ni mo máa ń ní kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ní mẹ́sééjì tiẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ míì nínú ẹ̀, torí lórí ọ̀pọ̀ fóònù, WhatsApp máa ń kọ́pì odidi mẹ́sééjì lẹ́ẹ̀kan ni, ìyá àgbà tó fẹ́ san owó ò sì ní láti máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà.

Bẹ́ ẹ bá wá kọ ìkéde yín tán, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan nínú ilé kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ má ṣe fi ìwé hàn án. Ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Bí ohun tó kọ́kọ́ mẹ́nu bà bá yàtọ̀ sí kókó yín, ẹ padà sídìí gbólóhùn yẹn, ẹ tún ìtò ẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ wá kà á fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi ni,
Bàbá yín, tíṣà Yorùbá.