Dúdú awò nìkan kò gba ojú lọ́wọ́ òòrùn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ìmọ̀ràn tí ìwé ìròyìn yín gba àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì, pé kí wọ́n máa wọ awò dúdú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìmọ̀ràn rere ni. Ohun tó kù níbẹ̀ ni irú awò tí wọn yóò rà. Láti Kútọ̀ dé Pánṣẹ́kẹ́, bí oníbàárà bá dúró níwájú àtẹ awò, èyí tó dúdú jù ló máa ń nawọ́ sí, torí ó gbà pé bó ṣe dúdú tó ni yóò ṣe gba ojú òun sílẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí rárá. Irú awò bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ lè jẹ́ kí ohun tí a ń sá fún wọ inú ojú ju ìgbà tí èèyàn kò wọ awò lọ.

Ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí nìkan kọ́ ni òòrùn ń rán sí wa. Ìtànṣán kan wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í rí, ọ̀tíráfáyólẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní UV sára awò. Ó wà lára ohun tó ń mú kí lẹ́ńsì inú ojú di funfun títí èèyàn kò fi ní ríran dáadáa mọ́. Ó sì wà lára ohun tó ń fa ẹran tó máa ń hù láti igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tó ń rá bọ̀ sórí dúdú ojú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú òòrùn. Àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi sára awò, ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí ló ń dín kù. Ohun tó ń dá ìtànṣán àìrí dúró yàtọ̀ sí i: ó lè jẹ́ irú ike tí wọ́n fi ṣe awò náà, ó sì lè jẹ́ èròjà tí wọ́n pò mọ́ ike, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀. Ike pólíkábónéètì mọ́ gaara, síbẹ̀ ó ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán náà dúró. Ike àkírílíìkì tí wọn kò pò èròjà kankan mọ́ lè jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ kọjá, wọn ìbáà sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìdí tí dúdú awò fi lè ṣèpalára wà nínú ọmọlójú, ihò dúdú kékeré tó wà láàárín ẹyin ojú. Bí òòrùn bá mú, ihò yìí á sún kì, ìpéǹpéjú náà á sì rọra pa dé. Bí awò dúdú bá bo ojú, méjèèjì á là padà, torí ojú rò pé òun ti wà níbòòji. Ká ní ọmọlójú jẹ́ mìlímítà 2 nínú òòrùn, tó wá fẹ̀ dé mìlímítà 3 lẹ́yìn awò. Ààyè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ti kúrò ní ìwọ̀n 4, ìyẹn 2 lọ́nà 2, bọ́ sí 9, ìyẹn 3 lọ́nà 3, ó sì ju ìlọ́po méjì lọ. Bí awò náà bá jẹ́ kí ìdajì ìtànṣán àìrí kọjá, ohun tó ń dé lẹ́ńsì inú ojú ti ju ti ẹni tí kò wọ nǹkan kan lọ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún péré ló kọjá, èrè ṣì wà, ṣùgbọ́n èrè náà kò tó ohun tí dúdú awò mú ká rò.

Kì í ṣe pé a ní kí ẹ sá fún gbogbo awò ẹ̀bá títì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dára, pàápàá àwọn tí wọ́n fi pólíkábónéètì ṣe, awò olówó ńlá náà sì lè má dára. Iye owó kò sọ nǹkan kan. Ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n kọ UV400 sí náà kò tó ẹ̀rí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé awò ń dá gbogbo ìtànṣán tí ìgùn rẹ̀ kò ju nànómítà 400 lọ dúró, ibi tí èyí tí ojú ń rí ti bẹ̀rẹ̀. Ìlérí tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ìlẹ̀mọ́ jáde.

Àyẹ̀wò kan wà tí èèyàn lè ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò, kí ẹ sì rí i pé 365 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ìgùn ìtànṣán rẹ̀ ní nànómítà. Ẹ mú bébà funfun tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ má wo ojú tọ́ọ̀ṣì náà, ẹ má sì tàn án sójú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá tàn án sí bébà, bébà á máa tàn ní àwọ̀ búlúù. Ẹ wá fi ojú awò bo ẹnu tọ́ọ̀ṣì dáadáa, kí iná má yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí bébà bá ṣókùnkùn pátápátá, awò náà ń dá ìtànṣán náà dúró. Bó bá ṣì ń tàn, ẹ dá a padà.

Ẹ kọ́kọ́ fi awò ààbò tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn tó ń lọ irin máa ń lò, dán an wò. Pólíkábónéètì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ẹ ó rí i pé bébà kò tàn mọ́, bẹ́ẹ̀ awò náà kò ní àwọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tó dúdú jù lórí àtẹ àti aláwọ̀ ilẹ̀ tó fúyẹ́ dán an wò. Ó ṣeé ṣe kí ti dúdú jẹ́ kí bébà máa tàn, kí ti aláwọ̀ ilẹ̀ sì pa á.

Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti máa ń ṣìnà ni tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ 395 sí, èyí tó pọ̀ lọ́jà. Iná rẹ̀ ti sún mọ́ èyí tí ojú ń rí, nítorí náà awò tó dára dé 380 lè jẹ́ kó kọjá, ẹ ó sì dá awò rere lẹ́bi. Àwọ̀ dúdú náà lè dín títàn bébà kù, kí ẹ rò pé awò ti yege. Dídínkù kò tó. Ó gbọ́dọ̀ kú pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ ìdánilójú, kó gbé awò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù awò ojú tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn UV. Àyẹ̀wò náà kì í pẹ́ rárá.

Fún ọlọ́kadà, ohun kan ṣì wà. Wọ́n pín awò òòrùn sí ìpele 0 sí 4, wọ́n sì máa ń kọ nọ́ńbà náà sí inú apá awò. Ìpele 3, tó ń jẹ́ kí ìdá 8 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó fún òòrùn wa. Ìpele 4 kò yẹ fún ẹni tó ń wakọ̀, torí kò ní tètè rí kòtò. Kí awò fẹ̀, kó sì sún mọ́ ojú, torí ìtànṣán tó bá gba ẹ̀gbẹ́ àti òkè wọlé kò kan ojú awò rárá, bó ti wù kí awò náà dára tó.

A tún ń bẹ àwọn alátẹ awò wa: kí ẹ tó ra dọ́sìnnì kan lọ́wọ́ olówò ńlá, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì 365 àti bébà kan dání, kí ẹ sì dán ó kéré tán ẹyọ kan wò nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè sọ fún oníbàárà pé èyí yege, kí ẹ sì ṣe é lójú rẹ̀.

Àwa oníṣẹ́ awò ojú,
Ìbàrà, Abẹ́òkúta