"Oníbàárà kọ̀ ọ́" ni wọ́n ń kọ sí gbogbo ọjà tó bá padà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bùléńdà kan tí mo fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Ṣàgámù tún padà sí mi lọ́wọ́. "Oníbàárà kọ̀ ọ́" ni ilé-iṣẹ́ tó gbé e lọ kọ sára páálí rẹ̀. Mo pe obìnrin tó fẹ́ rà á. Ó ní ẹnikẹ́ni ò pe òun, pé owó wà nílẹ̀, òun sì dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn tó gbé ẹrù ti yọ owó àlọ àti owó àbọ̀ nínú owó mi kí n tó mọ̀.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn kì í kọ ọjà o. Ẹlòmíì á rí ìpolówó lórí Fésíbúùkù lóru, á fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọjà bá lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́nà, owó tó yẹ kó fi gbà á ti bá oúnjẹ àti owó iléèwé lọ. Ẹlòmíì á ránṣẹ́ sí oníṣòwò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti bùléńdà tún ní tirẹ̀: díspáàṣì á dé, kò ní sí iná, oníbàárà á ní òun ò lè sanwó ohun tí òun ò tíì dán wò, díspáàṣì ò sì lè dúró de iná. Ìdí mẹ́ta nìyẹn, àtúnṣe wọn ò sì jọra, ṣùgbọ́n "oníbàárà kọ̀ ọ́" náà ni wọ́n ń kọ sí gbogbo wọn. Ta ló máa mọ èyí tó yẹ kó tún ṣe?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń tajà kì í ṣírò ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ wa. Owó ọkọ̀ nìkan là ń kà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ká ní 30,000 náírà ni mò ń ta bùléńdà, tí mo rà á ní 22,000. Ìpolówó tó mú ẹni kan wá gba 1,000, díspáàṣì gba 3,000. Èrè mi lórí èyí tí wọ́n bá gbà jẹ́ 4,000. Èyí tí wọ́n bá dá padà gba 1,000 ìpolówó, 3,000 àlọ àti 2,000 àbọ̀, ìyẹn 6,000. Bí mo bá fi mẹ́wàá ránṣẹ́, tí wọ́n gba mẹ́fà, mo jèrè 24,000 lórí mẹ́fà, mo sì pàdánù 24,000 lórí mẹ́rin tó padà. Gbogbo wàhálà yẹn, n ò rí kọ́bọ̀! Ohun tó yẹ kí oníṣòwò ṣe ni kó pín àdánù náà sórí àwọn tó gbà nìkan, nítorí owó tiwọn ló ń san án. Ní tèmi, 4,000 ló bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye tí mo pè ní èrè gan-an. N ò tíì ka páálí tó fọ́, tàbí owó tó há sórí ọjà tó wà lójú títì.

Àwọn aláṣẹ ò ràn wá lọ́wọ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ díspáàṣì láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí òmíràn, orí wa ló ń pàpà já sí.

Ohun tí mo rò pé ó lè tán an ni pé kí oníbàárà san owó ọkọ̀ ṣáájú, kó wá san ìyókù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti fi 3,000 sílẹ̀ ti pinnu. Òótọ́ ni pé àwọn kan á sá, nítorí àwọn oníjìbìtì ti ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ká ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá sá, tí méje san owó ọkọ̀, tí mẹ́fà nínú wọn sì gba ọjà. Èrè mẹ́fà ṣì jẹ́ 24,000. Àwọn mẹ́ta tó sá jẹ ìpolówó 3,000. Ẹyọ kan tó padà jẹ 3,000, nítorí owó àlọ rẹ̀ ti wọlé. 18,000 ló kù sí mi lọ́wọ́, níbi tí n kò ti rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Kí a máa pe oníbàárà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọjà máa dé. Kí a ya fídíò bùléńdà níbi tó ti ń lọ nǹkan, ká fi ránṣẹ́ sí i. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù sì máa kọ aago tí wọ́n pe oníbàárà sílẹ̀. Bí kò bá sí ìpè, kò yẹ kí wọ́n gba owó àbọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì dá owó ọkọ̀ oníbàárà padà fún un.

Èmi ni,
Oníṣòwò ẹ̀rọ ilé ìdáná, Ìbàdàn