Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí ọṣẹ, ìwé àti àwìn

Ṣábo, Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ Àìkú

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ gbé fóònù rẹ̀ fún mi, mo sì gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. O ní àwọn tó ń kó ọṣẹ olómi fún òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé láti Ọ̀yọ́ títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n pín fún ọ. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò jẹ́ kó kọjá. O ní, "Bàámi, ọjà títà náà ni, ẹ ò sì rí i pé mo ti ń tà á láti ọdún mẹ́rin?" Mo rí i o. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ibi tí ọjà yìí gbé ń parí.

Nídìí káńtà yín lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, ẹni tó fẹ́ ọṣẹ, òun náà ló máa lò ó, òun ló máa sanwó, òun ló máa gbé e lọ. O rí gbogbo wọn nínú ojú kan ṣoṣo. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀tọ̀ ni obìnrin tó ń fọ balùwẹ̀, ọ̀tọ̀ ni sítọ́kípà tó ń gba ọjà wọlé, ọ̀tọ̀ ni máníjà tó ń fọwọ́ sí i, ọ̀tọ̀ ni akáǹtáńtì tó ń sanwó. Ẹni tó ni ilé gan-an lè wà ní Ìbàdàn, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá. Bí o bá wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí o jókòó ti máníjà nìkan, wàá gbọ́ "a máa pè ọ́", wàá sì máa retí ìpè náà títí. O mọ "mò ń bọ̀" àwọn oníbàárà rẹ dáadáa. Arákùnrin rẹ̀ ni "a máa pè ọ́".

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń fọ balùwẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ló máa ń ka ìgò orí pẹpẹ lálaalẹ́, tí o sì mọ èyí tó máa tán ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀. Ìmọ̀ yẹn gan-an ni o máa lò. Bi í pé kẹ́ẹ̀gì mélòó ni wọ́n ń lò lóṣù kan, kí ló sì ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú ọṣẹ tí wọ́n ń lò báyìí. Bí ó bá ní ó ń ta òun lọ́wọ́, tàbí pé ilẹ̀ máa ń yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní òtẹ́ẹ̀lì kan ń lo kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 5 mẹ́fà lóṣù, ₦4,000 lẹ́yọ kan. ₦24,000 nìyẹn. Tìrẹ jẹ́ ₦12,000 lórí kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 5 kan náà. Bí o bá sọ iye yìí fún máníjà kí o tó sọ ohunkóhun mìíràn, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ògidì ni tìrẹ, ìwọ̀n omi mẹ́rin ni wọ́n ń fi lú ìwọ̀n ọ̀kan nínú rẹ̀. Lítà 30 tí wọ́n ń lò lóṣù, lítà 6 péré ló máa jáde nínú tìrẹ, ₦14,400 sì ni owó rẹ̀. ₦9,600 ló kù sí wọn lọ́wọ́. Iye oṣù kan ni kí o gbé síwájú máníjà, má ṣe gbé iye kẹ́ẹ̀gì kan.

Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ rèé. Ọwọ́ àwọn tó ń fọ ilé ti mọ́ dída ọṣẹ látinú kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á da ògidì tìrẹ náà sílẹ̀ láìlú u lómi. Lóṣù kejì, akáǹtáńtì á ní ọṣẹ yín wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ ló sì sọ. Kẹ́ẹ̀gì kan yẹ kó gbé ilé yẹn tó ọjọ́ 25. Bí ó bá tán lọ́jọ́ kẹwàá, má wulẹ̀ bá wọn jiyàn lórí owó. Mú ife ìwọ̀n lọ, lú ọṣẹ náà níṣojú wọn, kí o sì fi àmì sára bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí omi máa dé. Sùúrù tí o fi ń bá oníbàárà tó bínú sọ̀rọ̀ nídìí káńtà, ibí yìí ló ti máa wúlò fún ọ jù.

Ti ìwé wá kù. Èyí ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ kọ́, kí o tó kọ́ ọ̀rọ̀ dídùn kankan.

O kéré nígbà náà, o ò lè rántí. Ilé ìwé aládàáni kan pè mí lórí fóònù pé kí n kó ìwé kíkọ àti ṣọ́ọ̀kì wá, ₦80,000. Ọ̀gá ibẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni, mo kó o dé, ọmọ kan bá mi sọ ọ́ kalẹ̀, a rẹ́rìn-ín, mo lọ. Kò sí ìwé tí mo gbà, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Oṣù kejì, ọ̀gá náà kúrò níbẹ̀. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ bi mí léèrè ìwé, mo ń na ọwọ́ òfo. Èrè ₦10 ni mò ń jẹ lórí ₦100 nígbà yẹn. Ṣírò rẹ̀ wò: mo ní láti ta ọjà ₦800,000 mìíràn, kí n má jẹ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, kí n tó rí ₦80,000 yẹn padà. Ìyá rẹ ò tíì dẹ́kun rírán mi létí.

Torí náà, ìwé mẹ́ta. Èkíní ni ìwé tí wọ́n fi pàṣẹ ọjà, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní ẹ́lì-pí-ò. Má gbé ọjà àwìn dé ibi tí wọn ò bá tíì fún ọ. Èkejì ni wébíìlì, ìwé tó ń bá ọjà rìn. Kí sítọ́kípà kọ orúkọ rẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì, kó lu òǹtẹ̀ bí ó bá wà, kí ẹ̀dà kan sì bá ọ padà. Ẹ̀kẹta ni ínfọ́ìsì, ìwé tí o fi ń béèrè owó ọjà, kí nọ́ńbà ẹ́lì-pí-ò hàn lórí rẹ̀, kí iye ọjà inú rẹ̀ sì bá ti wébíìlì mu. Bí páálí kan bá fọ́ lójú ọ̀nà, tó jẹ́ pé mọ́kànlá ni wọ́n gbà, tí ínfọ́ìsì sì sọ pé méjìlá, akáǹtáńtì ò ní pè ọ́ láti bi ọ́; á kàn fi ìwé rẹ sábẹ́ àwọn yòókù.

Ọjà àkọ́kọ́, kí wọ́n sanwó lójú ẹsẹ̀. Èkejì, o lè fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ń bínú sí ìyẹn níbẹ̀rẹ̀, wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Kí o sì bi ọ̀gá rẹ tuntun, kí o tó fọwọ́ síwèé: kọ́míṣọ́nnì mi, ṣé ọjọ́ tí mo tà á ni, àbí ọjọ́ tí owó wọlé? Bí oníbàárà ò bá san, ṣé ẹ máa yọ ọ́ nínú owó oṣù mi? Kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, mú kẹ́ẹ̀gì kan dání. Ìyá rẹ ní balùwẹ̀ tiwa lòun fẹ́ kọ́kọ́ fi dán an wò kí o tó gbé e dé òtẹ́ẹ̀lì ẹnikẹ́ni, àti pé òun ni òun máa lú u lómi, èmi kọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.