Àkàrà Bàhíà àti ọ̀rọ̀ edé

Rìsí mi ọ̀wọ́n,

Mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ tó o fi bèèrè ohun tó o lè jẹ tó o bá dé Salvador, ní Bàhíà ní Brazil níbí, ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń sọ pé màá jókòó dáhùn. O ti wá ra tíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́! Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni màá sọ, torí mo mọ ohun tí edé máa ń fojú ẹ rí.

Má jẹun ní Pẹlòríńyò o, àdúgbò àtijọ́ táwọn arìnrìn-àjò máa ń rọ́ lọ. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ funfun pẹ̀lú gèlè ńlá, wọ́n á ní kó o wá ya fọ́tò, o bá ti yà á tán wọ́n á ní owó dà, àkàrà iwájú wọn sì ti tutù. Àdúgbò Rio Vermelho ni kó o wá lórí máàpù, lọ bíi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nígbà táwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń tò, tí wọ́n ń dín in lójú ẹ.

Àkàrà yẹn fúnra ẹ̀ ò ní wàhálà, ẹ̀wà tí wọ́n bó, àlùbọ́sà, iyọ̀, epo pupa, wà á ní ìyá alákàrà àdúgbò yín ló dín in. Ohun tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀ ni kó o sá fún. Wọ́n á là á, wọ́n á bu fatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n fi omi àgbọn, epo, ẹ̀pà, kaṣú àti edé gbígbẹ rò pọ̀, wọ́n á tún bu ọbẹ̀ ilá sí i, edé wà nínú ìyẹn náà, wọ́n á wá to odindi edé lé gbogbo ẹ̀ lórí! Abará ńkọ́? Mọ́ínmọ́ín ni, àmọ́ wọ́n sábà máa ń po edé mọ́ ẹ̀wà ẹ̀ látilẹ̀, kò ṣeé ṣà kúrò, gbàgbé ẹ.

Ọmọ Gánà kan tá a jọ ń kàwé, edé ò bá òun náà lára mu, ó ní kí wọ́n má fi sí tòun, alákàrà ò sì fi sí i, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fatapá jáde ló fi là á. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ètè ti wú. Torí náà "akarajẹ́ sẹn náda" ni kó o sọ ní èdè Potogí, ìyẹn láìfi nǹkan kan sí i, kó o sì tètè sọ kó tó mú ọ̀bẹ, fọwọ́ ara ẹ ya á. Wo inú epo náà, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń dín edé, máa lọ. Má fi abẹ́rẹ́ ẹ sílé o.

Ti hàláàlì, ẹ̀wà inú búkà gan-an ló máa tàn ẹ́, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú ẹ̀, gààrí tí wọ́n ń yan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà lè ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. "Tẹn pọ́kù?" ni kó o bi wọ́n, ìyẹn ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀. Èmi ò bá ẹ jẹ ẹran níta, ẹja ni mò ń jẹ, tó bá sì jẹ́ mokẹ́ka, ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi epo pupa àti omi àgbọn sè, bèèrè bóyá edé wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀. Ìlú táwọn Ìmàle tiwa tí wọ́n kó lẹ́rú wá síbí ti dìtẹ̀ ní 1835, ká wá máa wá ẹran hàláàlì kiri! Tó o bá kírun Jímọ̀ tán, bi àwọn ará mọ́sálásí níbi tí wọ́n ti ń ra tiwọn.

Jọ̀ọ́ bá mi mú ògì gbígbẹ wá, àkàrà láìsí ẹ̀kọ ti sú mi.

Bọ́lá